Ìwé ìṣedọ́gba báńkì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé owó

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé ní Ìbàdàn. Nígbà tí oṣù Kẹfà ọdún 2024 parí, káàṣìbúùkù ṣọ́ọ̀bù náà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí, sọ pé ₦846,200 ló wà ní báńkì. Sítétímẹ́ǹtì tí báńkì fi ránṣẹ́ sọ pé ₦815,365 ni. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ₦30,835. Ibo ni owó náà wọlé sí?

Mo ń gba àlẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fi ìwé ìṣedọ́gba ṣe?

Ohun tí báńkì ti ṣe nìkan ni àlẹ́ẹ̀tì ń sọ fún yín. Kò mọ ohun tí ẹ̀yin ti ṣe. Bí ẹ bá kọ sọ̀wédowó fún onílé lánàá, àlẹ́ẹ̀tì kankan kò ní wọlé títí onílé yóò fi gbé e lọ sí báńkì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ná owó yẹn. Bí ọ̀rọ̀ káàṣìbúùkù náà ṣe rí nìyẹn: ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ ló mọ̀, kò mọ ohun tí báńkì yọ nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀.

Ìwé ìṣedọ́gba báńkì, tí àwọn àkáńtáǹtì ń pè ní báńkì rẹkọnsiliéṣọ̀n, ni a fi ń jókòó ti àwọn méjèèjì kí wọ́n lè sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, a ó tún káàṣìbúùkù ṣe kí gbogbo ohun tó kàn án lè wọ inú rẹ̀. Èkejì, a ó ṣàlàyé lórí ìwé ìdí tí báńkì kò fi tíì dé ibi tí káàṣìbúùkù tí a tún ṣe náà dé. Ẹni tó bá da ìgbésẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni iṣẹ́ yìí máa ń sú.

Kí ló dé tí owó mi fi wà ní dẹ́bíìtì nínú káàṣìbúùkù, tí báńkì sì kọ kírẹ́díìtì sí i?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì kì í ṣe ẹ̀dà ìwé yín. Ojú ewé kan ni báńkì já nínú ìwé tirẹ̀, ojú tirẹ̀ ló sì fi kọ ọ́.

Lójú yín, owó tó wà ní báńkì jẹ́ ohun ìní yín, ohun ìní sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́bíìtì. Bí owó bá wọlé, ẹ ó kọ ọ́ sí dẹ́bíìtì lápá òsì. Bí ó bá jáde, ẹ ó kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì lápá ọ̀tún. Lójú báńkì, owó kan náà yẹn jẹ́ gbèsè tí ó jẹ yín, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá bèèrè ni yóò san án. Gbèsè sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kírẹ́díìtì. Nítorí náà, bí ẹ bá san owó sí báńkì, gbèsè rẹ̀ pọ̀ sí i, ó sì kọ kírẹ́díìtì. Bí ẹ bá gba owó jáde, gbèsè rẹ̀ dín kù, ó sì kọ dẹ́bíìtì.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé dẹ́bíìtì inú káàṣìbúùkù ni ẹ ó máa fi wé kírẹ́díìtì inú sítétímẹ́ǹtì, kírẹ́díìtì inú káàṣìbúùkù ni ẹ ó sì fi wé dẹ́bíìtì inú sítétímẹ́ǹtì. Bí ẹ bá ń fi dẹ́bíìtì wé dẹ́bíìtì, kò sí ohun tó máa bára mu.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Káàṣìbúùkù oṣù náà, sítétímẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní tó sì parí ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, àti ìwé ìṣedọ́gba ti oṣù tó kọjá. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Sọ̀wédowó tí ẹ kọ ní ìparí oṣù Karùn-ún, tí ẹni tó gbà á kò gbé lọ sí báńkì títí di oṣù Kẹfà, yóò hàn nínú sítétímẹ́ǹtì oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i nínú káàṣìbúùkù oṣù Kẹfà bí ẹ bá wá a títí. Inú ìwé ìṣedọ́gba tó kọjá ni orúkọ rẹ̀ wà.

Ẹ tún kó apá ìwé sọ̀wédowó tó máa ń kù sọ́wọ́ yín, ìwé ìsanwó sí báńkì àti àkójọ ọjà tí ẹ tà lórí POS sí tòsí. Ẹ má lo àwòrán ojú fóònù tí wọ́n yà láti orí áàpù báńkì dípò sítétímẹ́ǹtì. Ó sábà máa ń gé àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kúrú, àlàyé yẹn gan-an lẹ sì nílò.

Báwo ni a ṣe ń fi wọ́n wéra?

Ẹ kọ́kọ́ wo owó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù nínú ìwé méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìwé ìṣedọ́gba oṣù tó kọjá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà dé orí kọ́bọ̀. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ padà sí oṣù tó kọjá, nítorí àṣìṣe yẹn yóò tẹ̀ lé yín dé òpin.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú owó kọ̀ọ̀kan nínú sítétímẹ́ǹtì láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ wá èkejì rẹ̀ nínú káàṣìbúùkù. Bí iye bá bára mu, tí ọjọ́ sún mọ́ra, tí orúkọ tàbí nọ́ńbà sọ̀wédowó sì jọra, ẹ fa máàkì sí i nínú ìwé méjèèjì. Ẹ má fa máàkì nítorí pé iye owó bára mu nìkan. Bí ènìyàn méjì bá san ₦20,000 lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ lè fi máàkì ẹnì kan sórí ti ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá parí, ohun tí kò ní máàkì nìkan ló kù. Ẹ kó wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tó wà ní káàṣìbúùkù tí kò sí ní báńkì, àti èyí tó wà ní báńkì tí kò sí ní káàṣìbúùkù. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì ti wà nínú òkìtì méjì yìí, àfi bí ìṣirò àròpọ̀ fúnra rẹ̀ bá ṣì.

Kí ló máa ń wà nínú káàṣìbúùkù tí báńkì kò tíì mọ̀?

Ohun tí àkókò fà ni. Ẹ̀yin ti kọ ọ́, báńkì kò tíì gbọ́. Mẹ́ta ló wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù wa.

Wọ́n kọ sọ̀wédowó ₦240,000 fún onílé ní 27 oṣù Kẹfà, onílé kò sì tíì gbé e lọ sí báńkì. Wọ́n gba sọ̀wédowó ₦150,000 lọ́wọ́ ilé ìwé kan, wọ́n sì sọ ọ́ sí báńkì ní ọjọ́ Ẹtì 28 oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí báńkì ti kó sọ̀wédowó ọjọ́ náà lọ. Báńkì kì í ṣiṣẹ́ lórí sọ̀wédowó ní Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú gan-an sì ni 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024 bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí owó náà fi di ti ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje.

Ẹ̀kẹta ni ọjà tí wọ́n tà lórí POS ní Sátidé 29, ₦86,500. Oníbàárà ti fa káàdì, rìsíìtì ti jáde, ọjà ti lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni owó POS sábà máa ń wọ àkáǹtì olùtajà, nítorí náà òun náà di ti ọjọ́ Ajé. Bí oṣù bá parí ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ máa retí irú èyí nígbà gbogbo.

Kí ló máa ń wà ní báńkì tí mi ò kọ sínú káàṣìbúùkù?

Owó tí báńkì yọ ló pọ̀ jù, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń rìn. Ti oṣù Kẹfà yẹn nìyí.

Ṣọ́ọ̀bù náà fi owó ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́rin, iye kọ̀ọ̀kan sì ju ₦50,000 lọ. Báńkì gba ₦50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi owó orí VAT ₦3.75 lé e. ₦53.75 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦215. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń lò, báńkì sì lè gba ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó jáde fún ìtọ́jú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Lórí ₦1,600,000 tó jáde, ìyẹn jẹ́ ₦1,600, VAT rẹ̀ ₦120. Owó tó wọlé láti ọwọ́ àwọn oníbàárà nípa tiránsífà, tí iye rẹ̀ tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ méjìlá. Ìjọba gba ₦50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà, EMTL ni wọ́n kọ sí i lórí sítétímẹ́ǹtì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600. Ọjà ₦640,000 tí owó rẹ̀ ti POS wọlé láàárín oṣù náà, báńkì gba 50 kọ́bọ̀ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦3,200. Ẹ ro wọ́n pọ̀: ₦5,735.

Iye owó wọ̀nyí ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, fún àpẹẹrẹ, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni ₦50 ìjọba yẹn ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Ohun tí sítétímẹ́ǹtì oṣù tí ẹ ń ṣe bá fi hàn ni kí ẹ lò, ẹ má fi ti oṣù tó kọjá díwọ̀n.

Owó tí báńkì yọ nìkan kọ́ ló ń wà níbẹ̀ o. Ní 19 oṣù Kẹfà, oníbàárà kan tó jẹ gbèsè san ₦65,000 tààrà sínú àkáǹtì, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá fi sítétímẹ́ǹtì wé ìwé, ṣọ́ọ̀bù náà yóò tún lọ sin ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀ lówó.

Sọ̀wédowó tí a ti sọ sí báńkì tún padà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Ní 10 oṣù Kẹfà, oníbàárà mìíràn fún ṣọ́ọ̀bù náà ní sọ̀wédowó ₦90,000. Wọ́n kọ ọ́ sí káàṣìbúùkù pé owó wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ sí báńkì. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, báńkì dá a padà, ó sì yọ ₦90,000 náà. Ó lè jẹ́ pé owó kò tó nínú àkáǹtì ẹni tó kọ ọ́, pé ìbuwọ́lùwé kò bára mu, tàbí pé iye tí wọ́n fi lẹ́tà kọ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ. Bí ẹ bá rí DAR lórí rẹ̀, báńkì ń ní kí ẹ lọ bá ẹni tó kọ sọ̀wédowó náà ni.

Ẹ má pa ìlà tí ẹ kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ẹ kọ ìlà tuntun: ₦90,000 jáde ní báńkì lápá kírẹ́díìtì, kí ẹ sì fi dẹ́bíìtì dá gbèsè náà padà sí orúkọ oníbàárà nínú lẹ́jà, ìwé tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe apá báńkì, wọ́n á sì gbàgbé apá oníbàárà. Báńkì á dọ́gba, ṣùgbọ́n ìwé á máa sọ pé oníbàárà náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Báwo ni a ṣe ń tún káàṣìbúùkù ṣe?

Òkìtì kejì nìkan, ìyẹn ohun tó wà ní báńkì tí kò sí lọ́dọ̀ yín, àti àṣìṣe ọwọ́ yín, ni ẹ ó kọ sínú káàṣìbúùkù. Nínú àpẹẹrẹ wa, àṣìṣe kan wà. Ní 21 oṣù Kẹfà, wọ́n fi ₦57,300 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó bébà wá, ṣùgbọ́n ₦53,700 ni ẹni tó ń kọ̀wé kọ. Nọ́ńbà 7 àti 3 gba ipò ara wọn. Owó tó jáde gan-an fi ₦3,600 ju èyí tí wọ́n kọ lọ.

Báláǹsì káàṣìbúùkù, 30 oṣù Kẹfà: ₦846,200
Fi kún un, owó tí oníbàárà san tààrà: ₦65,000
Yọ owó tí báńkì gbà: ₦5,735
Yọ sọ̀wédowó tó padà: ₦90,000
Yọ àtúnṣe àṣìṣe kíkọ: ₦3,600
Báláǹsì tí a tún ṣe: ₦811,865

Gbogbo ìlà tí ẹ bá kọ níbí ní ìlà kejì nínú lẹ́jà. ₦65,000 yóò dín gbèsè oníbàárà kù. ₦5,735 yóò lọ sí ìnáwó báńkì. ₦90,000 yóò padà sórí ẹni tó fún wa ní sọ̀wédowó. ₦3,600 yóò lọ sí orúkọ ẹni tó ń kó bébà wá, nítorí owó tí a san fún un ju èyí tí ìwé sọ lọ.

Ìwé ìṣedọ́gba náà ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?

Láti orí báláǹsì báńkì lọ sí báláǹsì tí a tún ṣe ni. Òkìtì àkọ́kọ́ ni a ń lò níbí.

Báláǹsì sítétímẹ́ǹtì, 30 oṣù Kẹfà: ₦815,365
Fi kún un, sọ̀wédowó ilé ìwé tí kò tíì wọlé: ₦150,000
Fi kún un, ọjà POS ti 29 oṣù Kẹfà: ₦86,500
Yọ sọ̀wédowó onílé tí kò tíì dé báńkì: ₦240,000
Báláǹsì káàṣìbúùkù tí a tún ṣe: ₦811,865

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó fi kún àti èyí tí ẹ ó yọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí báńkì bá gbọ́ nípa owó yìí lónìí, ṣé báláǹsì rẹ̀ yóò gòkè ni tàbí yóò wálẹ̀? Sọ̀wédowó onílé yóò mú un wálẹ̀, nítorí náà ẹ yọ ọ́. Kò sí ohun tí ẹ ní láti há sórí.

Kí ló dé tí a kò kọ sọ̀wédowó onílé náà sínú káàṣìbúùkù nígbà àtúnṣe?

Nítorí pé ó ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lù ú tí ẹ sì fún onílé ni ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá tún kọ ọ́, ẹ ti san owó ilé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé. Báńkì ló wà lẹ́yìn, òun ni yóò sì wá bá yín tí onílé bá gbé e lọ.

Àlàfo náà jẹ́ ₦30,835 péré. Ṣé mi ò lè kọ ọ́ sí owó tí báńkì gbà, kí n sì máa lọ?

Rárá. Ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ ₦30,835 yẹn. Sọ̀wédowó ₦90,000 tó padà wà níbẹ̀, gbèsè tí ó yẹ kí a lọ béèrè. ₦65,000 tí ẹnì kan ti san wà níbẹ̀. ₦240,000 tí yóò jáde lọ́jọ́kọ́jọ́ wà níbẹ̀. Àlàfo kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí owó ńláńlá ti fa ara wọn sókè sódò. Nígbà míì àlàfo lè jẹ́ òfo pátápátá kí àṣìṣe sì wà nínú ìwé, bí owó tó fi gbéra sí ọ̀tún bá ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó fi gbéra sí òsì. Nítorí náà, kódà bí báláǹsì méjèèjì bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣì fa máàkì.

Ẹni tó bá kọ ₦30,835 sí ìnáwó báńkì ní oṣù Kẹfà yóò rí èrè rẹ̀ ní oṣù Keje. Sọ̀wédowó onílé yóò wọlé, ti ilé ìwé yóò wọlé, owó POS yóò wọlé, àlàfo tuntun yóò sì yọ tí kò jọ ti àtijọ́ rárá.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò ṣì dọ́gba. Ibo ni kí n wò?

Ẹ kọ iye tí ó ń yọ yín lẹ́nu sílẹ̀, ẹ máa fọwọ́ tú u wò. Bí iye yẹn gan-an bá wà níbì kan nínú ìwé méjèèjì, ẹ ti fo ó tàbí ẹ ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí, ẹ pín in sí méjì. Bí ìdajì rẹ̀ bá wà nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: ₦20,000 tó yẹ kó jáde, tí ẹ kọ pé ó wọlé, yóò fa àlàfo ₦40,000. Bí ìyẹn náà kò bá sí, ẹ pín in sí ọ̀nà 9. Bí ó bá pín láìṣẹ́kù, ẹ wá nọ́ńbà tó gba ipò ara wọn. ₦3,600 tí a rí lókè pín sí ọ̀nà 9 ní 400. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo tí nọ́ńbà méjì bá pààrọ̀ ipò. Ohun mìíràn tún lè fa iye tó pín sí ọ̀nà 9, bí àpẹẹrẹ òdo kan tí a já kù, tí ₦4,500 fi di ₦450.

Àdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wúlò bí àṣìṣe bá jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ méjì, wọ́n lè tàn yín. Nígbà náà, ẹ tún àròpọ̀ òpó káàṣìbúùkù ṣe láti òkè, kí ẹ sì tún máàkì fà ní ìlà tí kò hàn dáadáa.

Bí ìwé mi bá wà nínú Excel ńkọ́?

Ẹ fi káàṣìbúùkù sí ojú ewé kan, kí ẹ sì fi sítétímẹ́ǹtì sí ojú ewé tí ẹ pè ní Banki. Ẹ fi iye owó sí òpó D ní ojú ewé méjèèjì: èyí tó wọlé bí ó ṣe wà, èyí tó jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀. Ní ìlà kejì káàṣìbúùkù, nínú òpó tó ṣófo, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fà á wálẹ̀:

```
=COUNTIF(Banki!$D:$D,D2)-COUNTIF($D:$D,D2)
```

Bí ó bá fi 0 hàn, iye yẹn wà ní ojú ewé méjèèjì lọ́nà tó dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ -1, káàṣìbúùkù ní ẹyọ kan tí báńkì kò ní. Ẹ ṣe irú rẹ̀ sí ojú ewé Banki láti mú òkìtì kejì jáde, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ ojú ewé káàṣìbúùkù rọ́pò Banki nínú rẹ̀. Iye owó nìkan ni Excel ń wò, kò ka orúkọ, nítorí náà ẹ ṣì fi ojú wo àwọn iye tó ń tún ara wọn ṣe. Bí báńkì bá sì kó owó POS ọjọ́ kan pọ̀ sí ìlà kan, ẹ gbọ́dọ̀ kó tiyín pọ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó fi wéra.

Tiránsífà tí kò lọ, tí báńkì dá owó rẹ̀ padà, ṣé kí n kọ ọ́?

Bí owó náà bá jáde tí ó sì padà nínú oṣù kan náà, ẹ lè kọ méjèèjì tàbí kí ẹ má kọ ìkankan. Èyí tó burú ni kí ẹ kọ ọ̀kan. A ó gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ méjèèjì, nítorí máàkì yóò rí ibi jókòó sí lórí sítétímẹ́ǹtì. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ REV tàbí REVERSAL sí.

Bí ó bá jáde ní 30 oṣù tí ó sì padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe ṣírò rẹ̀ bí ìnáwó. Ẹni tí ẹ fẹ́ san án fún kò rí i gbà, ẹ ṣì jẹ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ìṣedọ́gba pé báńkì ń jẹ yín ní iye yẹn, ẹ fi kún báláǹsì báńkì, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiránsífà náà.

Báńkì ló ṣe àṣìṣe. Ṣé kí n tún ìwé mi ṣe láti bá tirẹ̀ mu?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí báńkì bá yọ sọ̀wédowó ẹlòmíràn lára àkáǹtì yín, ìwé yín kò ṣì. Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì pẹ̀lú ọjọ́, iye àti nọ́ńbà, ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà. Lórí ìwé ìṣedọ́gba, ẹ fi iye náà kún báláǹsì báńkì títí wọn yóò fi dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé tiyín dáadáa ṣá o. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a pè ní àṣìṣe báńkì máa ń jẹ́ ohun tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù san tí kò kọ sílẹ̀.

Àkáǹtì wa wà ní ofadíráfùtì, a ti gbà ju owó wa lọ ní báńkì. Ṣé ìlànà náà yàtọ̀?

Ìlànà kò yàtọ̀, àmì ló yí padà. Ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú báláǹsì méjèèjì, kí ẹ sì ṣe ìyókù bí a ṣe ṣe é. Bí báńkì bá sọ pé ẹ jẹ òun ní ₦50,000, tí sọ̀wédowó ₦20,000 kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, -50,000 yọ 20,000 jẹ́ -70,000. Gbèsè ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn yóò kọ 30,000.

Sọ̀wédowó kan ti wà lórí ìwé ìṣedọ́gba mi fún oṣù púpọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ kọ sọ̀wédowó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí gbogbo ìwé ìṣedọ́gba, kí ọjọ́ orí rẹ̀ lè hàn. Bí ó bá ti kọjá oṣù kan, ẹ pe ẹni tó gbà á. Ó lè ti sọ ọ́ nù, ó sì lè máa retí kí owó wọlé sí àkáǹtì rẹ̀. Ní Nàìjíríà, sọ̀wédowó tó bá ti pé oṣù mẹ́fà ti di aláìwúlò, báńkì kò ní san án. Nígbà náà, ẹ dá a padà nínú káàṣìbúùkù: dẹ́bíìtì sí báńkì, kírẹ́díìtì sí orúkọ ẹni tí ẹ jẹ lówó. Ẹ má kọ ọ́ sí èrè, nítorí gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn yín.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù wa, ohun mẹ́ta tó wà lórí ìwé ìṣedọ́gba 30 oṣù Kẹfà ni ẹni tó ń kọ̀wé yóò kọ́kọ́ wá lórí sítétímẹ́ǹtì oṣù Keje. Sọ̀wédowó ilé ìwé àti owó POS yẹ kó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, ní 1 oṣù Keje. Ìlà ₦432.50 tí báńkì gbà lórí ₦86,500 ti POS yóò wà pẹ̀lú wọn. Ìnáwó oṣù Keje ni ìyẹn, ẹ má dá a padà sí oṣù Kẹfà. Bí ₦150,000 ilé ìwé bá wọlé tó sì tún jáde lọ́jọ́ kejì, sọ̀wédowó náà ti padà nìyẹn, ẹ má dúró de ìparí oṣù kí ẹ tó pe ilé ìwé.